Ibi Tí Páì Gbà Wọ Inú Ìlà Agogo

Bí ènìyàn bá ju kọ́bọ̀ kan sókè ní ìgbà 100, kò sí ẹni tí yóò bá a jiyàn bó bá sọ pé orí yóò yọ ní nǹkan bí ìgbà 50. Ṣùgbọ́n ká ní ó tẹnu mọ́ ọn pé 50 géérégé ni òun ń wí, pé kò gbọdọ̀ jẹ́ 49, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ 51, báwo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe lè ṣẹ sí? Ìṣirò tó péye fi hàn pé 0.0796 ni. Ìyẹn ni pé bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń ṣe eré yìí, nǹkan bí ẹni mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò rí 50 géérégé. Kí a tó rí iye yìí ní tààrà, a ní láti bá nọ́ńbà kan jà tó gba díjíìtì 30 láti kọ sílẹ̀. Ọ̀nà àbùjá kan wà tó dùn ún gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ:

2 ÷ √(2 × π × 100) = 0.0798

Àmì √ yìí ń béèrè gbòǹgbò nọ́ńbà, ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi í lọ́po ara rẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ àmì náà ni yóò fún wa. Ẹni tó ṣe àjèjì níbẹ̀ ni π, tí à ń pè ní páì: 3.14159 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, iye ìgbà tí etí òbírí fi gùn ju ìbú rẹ̀ lọ. Kí ló kan òbírí nínú ọ̀rọ̀ orí àti ìdí kọ́bọ̀? Kì í ṣe torí pé kọ́bọ̀ rí róbótó. Bí a bá fi pátákó pelebe onígun mẹ́rin ṣe eré náà, tí a kun ojú kan ní dúdú, tí a kun èkejì ní funfun, páì yìí kan náà ni yóò yọjú. Òbírí kan sá pamọ́ síbì kan nínú ìṣirò náà, ibi tó sá pamọ́ sí sì ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ẹni tó kọ́kọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí ni Abraham de Moivre, ọmọ Faransé tó jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì, tó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn tí ọba Faransé fagi lé òfin tó ń dáàbò bo àwọn onísìn rẹ̀ ní 1685. Ní 1733 ó tẹ ìwé pélébé kan ní èdè Látìnì, ó sì pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí iye ìgbà tí a ń ju kọ́bọ̀ bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èsì rẹ̀ ń tò ara wọn sábẹ́ ìlà kan tó rí bí agogo: ó ga láàárín, ó ń dà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì ń fẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló kù tí kò fi lè parí fọ́múlà rẹ̀. Ó fi àròpọ̀ gígùn kan wá a, ó sì rí i pé ó jẹ́ 2.5 àti díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ irú nọ́ńbà tó jẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Skọ́tíláǹdì, James Stirling, ló bá a tú u. Stirling ní gbòǹgbò gígùn etí òbírí ni, òbírí tí ìjìnnà láti àárín rẹ̀ dé etí rẹ̀ jẹ́ 1. Etí òbírí bẹ́ẹ̀ jẹ́ 2π, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 2.5066. De Moivre kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí páì ṣe wọlé nìyẹn, láìjẹ́ pé wọ́n ya òbírí kankan.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlà náà fúnra rẹ̀ wá síwájú. Bó ṣe rọrùn jù lọ láti kọ ọ́ nìyí:

gíga = e^(−x²)

Nọ́ńbà tí à ń pè ní e jẹ́ 2.718 àti díẹ̀. Lẹ́tà x ni ìjìnnà wa sí àárín, sí ọ̀tún tàbí sí òsì. A ó fi x lọ́po ara rẹ̀, a ó gbé èyí lé orí e, a ó sì fi èsì rẹ̀ pín 1. Ní àárín gan-an, gíga ìlà náà jẹ́ 1. Bí a bá kúrò níbẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan, yálà sí ọ̀tún tàbí sí òsì, gíga náà ti wálẹ̀ dé 0.3679. Ní ìṣísẹ̀ kejì ó di 0.0183, ní ẹ̀kẹta 0.0001 ló kù. Kò ní fọwọ́ kan ilẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n ó ń sún mọ́ ọn kíákíá débi pé bí a tilẹ̀ rìn ín lọ láìlópin ní ọ̀tún àti ní òsì, ààyè tó wà láàárín ìlà náà àti ilẹ̀ ní ìwọ̀n. Ìwọ̀n yìí ni à ń wá. Ẹ jẹ́ ká pè é ní A.

Ẹni tó ní ìwé àti bírò lè fojú bù ú. Ẹ ka gíga ìlà náà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé ọ̀pá pelebe tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 1 dúró síbẹ̀, kí ẹ wá ro ààyè gbogbo ọ̀pá náà pọ̀. Èyí tó wà láàárín jẹ́ 1, àwọn yòókù sì jẹ́ méjì méjì:

1 + 2 × (0.3679 + 0.0183 + 0.0001) = 1.7726

Bí a bá fi ọ̀pá tó tínrín jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe é, èsì rẹ̀ á rọra sún sí 1.77245. Nọ́ńbà yìí kò jọ ohunkóhun. Ẹ wá fi í lọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wo ohun tí yóò jáde: 3.1416. Ẹni tó bá ti ka ìṣirò òbírí rí yóò dìde jókòó níbí. Ṣùgbọ́n ìfura lásán nìyí jẹ́. Nọ́ńbà méjì lè bára dọ́gba ní ìpele mẹ́rin lẹ́yìn ààmì kí wọ́n wá yapa ní ìpele kẹwàá. A nílò ọ̀nà tí yóò sọ fún wa pé A lọ́nà A jẹ́ páì láìsí iyèméjì, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé láti fi wá ààyè abẹ́ ìlà ni pé kí wọ́n wá fọ́múlà kan tí ìyára ìyípadà rẹ̀ ní ibi kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíga ìlà náà gẹ́lẹ́. Bí a bá ti rí irú fọ́múlà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti parí: a ó wo iye rẹ̀ ní ìparí, a ó yọ iye rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kúrò. Fún e^(−x²), ilẹ̀kùn yìí tì pa. Láàárín àwọn ọdún 1830, Joseph Liouville ti ilẹ̀ Faransé gbé òfin kan kalẹ̀ tí a lè fi mọ irú ìlà tó ní fọ́múlà bẹ́ẹ̀ àti irú èyí tí kò ní, ìlà agogo sì wà lára àwọn tí kò ní. Ènìyàn lè fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe àdàpọ̀ gbòǹgbò, ìlọ́po àti ìpín, kò ní rí i.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí àṣìṣe náà ṣe kéré tó. Ká ní ohun tí wọ́n ní ká ṣírò ni x × e^(−x²), pẹ̀lú x kan péré níwájú, ìdáhùn rẹ̀ wà nílẹ̀: −½ × e^(−x²) ni fọ́múlà náà, ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì yóò rí i kí omi tó hó. Torí pé nígbà tí a bá wá ìyára ìyípadà e^(−x²), x² tó wà lókè máa ń ju 2x kan sílẹ̀ síwájú. Bí x bá ti wà níwájú tẹ́lẹ̀ láti gba ìyẹn, ohun gbogbo á bára mu. Bí kò bá sí, kò sí ohun tí a lè ṣe. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ìlà agogo ṣàìní. Gbogbo ọgbọ́n tó kù jẹ́ ọ̀nà láti bá a wá lẹ́tà yẹn láìṣe èrú.

Ọgbọ́n náà nìyí. Dípò A, ẹ jẹ́ ká wá A × A. Lójú, ó dà bí ẹni pé a ń fi ẹrù kún ẹrù, nítorí ẹni tí kò lè wá ẹyọ kan ló wá ń wá ìlọ́po rẹ̀. Ṣùgbọ́n A × A jẹ́ ohun tí a lè fojú rí. Ẹ ronú nípa pápá títẹ́jú kan tí kò lópin. A ya ìlà kan láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, x ni ìjìnnà lórí rẹ̀. A ya òmíràn láti gúúsù sí àríwá, y ni ìjìnnà lórí tirẹ̀. Ní ojúkò kọ̀ọ̀kan lórí pápá yìí, a kó yẹ̀pẹ̀ jọ dé gíga e^(−x²) × e^(−y²). Òkè kan á dìde, àárín rẹ̀ á ga ní 1, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì dà sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ìbéèrè wá di pé: báwo ni yẹ̀pẹ̀ òkè yìí ṣe pọ̀ tó?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gé e ní tààrà, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ní awẹ́ tínrín tínrín. Lórí awẹ́ kan, y kì í yí padà. Nítorí náà e^(−y²) jẹ́ nọ́ńbà kan tó dúró sójú kan, ohun tó ń yí padà ni e^(−x²) nìkan. Ojú awẹ́ náà wá jẹ́ ìlà agogo wa, àfi pé a ti rẹ gíga rẹ̀ sílẹ̀. Ààyè ojú rẹ̀ jẹ́ A × e^(−y²). Nígbà tí a bá wá to gbogbo awẹ́ náà láti gúúsù dé àríwá, A wà nínú gbogbo wọn, a lè yọ ọ́ síta. Àròpọ̀ e^(−y²) tó kù sì tún jẹ́ A kan náà, nítorí pé lẹ́tà tí a pè é kò yí ìlà padà. Yẹ̀pẹ̀ òkè náà jẹ́ A × A.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú àkọ́kọ́. Wọ́n á kọ e^(−x²) lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á so wọ́n pọ̀ di e^(−2x²), wọ́n á sì wá ààyè abẹ́ ìlà tuntun náà. Ohun tí wọ́n ń rí kì í ṣe A × A rárá, 1.2533 ni. Ìlọ́po ààyè méjì kì í ṣe ààyè abẹ́ ìlọ́po. Nínú A × A, ojúkò kọ̀ọ̀kan lórí ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bá gbogbo ojúkò orí ìlà kejì pàdé, ìdí sì nìyẹn tí a fi nílò lẹ́tà méjì àti pápá odindi. Ẹni tó lo x lẹ́ẹ̀mejì ti gé òkè náà ní awẹ́ kan péré, láti igun dé igun, ó wá rò pé òun ti kó gbogbo yẹ̀pẹ̀.

Ẹ wá tún òkè náà wò. Gíga rẹ̀ ni e^(−x²) × e^(−y²), èyí tó jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú e^(−(x²+y²)), nítorí pé bí a bá fi e lọ́po e, ńṣe ni àwọn tó wà lókè wọn ń ro pọ̀. Kí wá ni x² + y²? Òfin Pàítágọ́rà dáhùn: bí a bá rin x sí ìlà-oòrùn, tí a wá yà, tí a rin y sí àríwá, x² + y² ni ìlọ́po ìjìnnà tààrà láti àárín dé ibi tí a dúró sí. Ẹ jẹ́ ká pe ìjìnnà yẹn ní r. Gíga òkè náà wá jẹ́ e^(−r²). Kò bìkítà bóyá a wà ní àríwá tàbí ní ìwọ̀-oòrùn. Bí a ṣe jìnnà sí àárín tó nìkan ló ń wò. Òkè náà rí róbótó. Òbírí tí à ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Kò sí lórí ìlà, kò sì lè sí níbẹ̀, torí pé ìlà kò ní àyíká. Ìgbà tí a sọ ọ́ di òkè ló fara hàn.

Bí òkè bá rí róbótó, kí ló dé tí a fi ń gé e ní tààrà? Ẹ jẹ́ ká gé e yípo. Ẹ wo ó bí àwọn agolo tínrín tí a ti gé ìdérí àti ìdí wọn kúrò, tí a wá ki ọ̀kan bọ inú èkejì, láti kékeré inú dé ńlá ìta. Ẹ mú agolo kan tó wà ní ìjìnnà r sí àárín, kí ẹ fi sísọ́ọ̀sì là á ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Yóò di páànù gbọọrọ kan. Gígùn rẹ̀ ni etí òbírí, 2πr. Ìbú rẹ̀ ni gíga òkè níbẹ̀, e^(−r²). Nípọn rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ń kọ ọ́ ní dr. Yẹ̀pẹ̀ inú agolo yìí jẹ́ 2πr × e^(−r²) × dr.

Ẹ wo r tó wà níwájú yẹn. Òun gan-an ni lẹ́tà tí à ń wá. Kò sí ẹni tó fi tipátipá kì í bọ inú ìṣirò. Ó wọlé nítorí pé agolo tó jìnnà sí àárín gùn ní àyíká ju èyí tó sún mọ́ ọn lọ. Iṣẹ́ wá rọrùn. Fọ́múlà tí ìyára ìyípadà rẹ̀ jẹ́ 2πr × e^(−r²) ni −π × e^(−r²). Ní àárín, níbi tí r ti jẹ́ 0, iye rẹ̀ jẹ́ −π. Ní ọ̀nà jíjìn réré, ó ti di 0. Yọ ti ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú ti ìparí, ó ku π. Yẹ̀pẹ̀ òkè náà jẹ́ páì gẹ́lẹ́. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́ a ti rí i pé A × A ni. Òkè kan náà ni, yẹ̀pẹ̀ kan náà ni:

A × A = π, nítorí náà A = √π = 1.77245…

Ó yẹ kí n sọ pé ohun tí a ṣe yìí, tí a fi ìjìnnà àti ọ̀nà tí a kọjú sí dárúkọ ojúkò dípò ìlà-oòrùn àti àríwá, ni àwọn ìwé ìṣirò ń kọ́ ní orí tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kìlọ̀ pé kí a má gbàgbé r. Ọ̀pọ̀ ń há ìkìlọ̀ náà sórí láìmọ ìdí rẹ̀, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ nínú ìdánwò. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbàgbé rẹ̀. Ó ń ro e^(−r²) nìkan pọ̀, láti àárín lọ sí ìta, èyí tó jẹ́ ìdajì A. Ó wá fi 2π lọ́po rẹ̀ fún yíyípo, ó rí πA. Ó kọ pé A × A = πA, ó pín ọ̀tún àti òsì pẹ̀lú A, ó sì fi ìgboyà kọ pé A jẹ́ páì. Ìdáhùn náà mọ́ lójú, ó tilẹ̀ ní páì nínú. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀pá pelebe wa ti sọ pé A jẹ́ 1.77, kò sì sí bí 3.14 ṣe lè jẹ́ òótọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a kọ́kọ́ fojú bu nǹkan kí a tó lo ọgbọ́n lórí rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni yẹn ka agolo ńlá àti agolo kékeré sí ọgbọọgba. Ní àárín ni òkè ti ga jù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n agolo tó wà níbẹ̀ kéré débi pé yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ kò tó ẹ̀kúnwọ́. Agolo tó ní yẹ̀pẹ̀ jù lọ wà ní nǹkan bí 0.707 sí àárín, níbi tí àyíká ti gbòòrò díẹ̀ tí òkè kò sì tíì rẹlẹ̀ jù.

Onítara kan lè wá takò wá lórí ọ̀rọ̀ etí pápá. Nígbà tí a gé òkè ní tààrà, onígun mẹ́rin ni pápá tí à ń fẹ̀ sí i. Nígbà tí a gé e yípo, òbírí là ń fẹ̀. Ta ló sọ pé àwọn méjèèjì yóò parí síbì kan náà? Ìbéèrè gidi ni, nítorí pé nínú àwọn ìṣirò kan tí òdì àti òdodo ń pa ara wọn rẹ́, wọn kì í parí síbì kan náà. Ní tiwa, gíga òkè kò lọ sábẹ́ ilẹ̀ níbì kankan, nítorí náà bí pápá bá fẹ̀ sí i, yẹ̀pẹ̀ kò lè dín kù. Ẹ ya onígun mẹ́rin tó lọ láti −2 dé 2 ní ìbú àti ní òró. Ẹ ya òbírí tó kàn án nínú, tí r rẹ̀ jẹ́ 2. Ẹ tún ya òmíràn tó gba igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ kọjá níta, tí r rẹ̀ jẹ́ 2 lọ́nà √2. Yẹ̀pẹ̀ inú òbírí kékeré jẹ́ π × (1 − e^(−4)), ìyẹn 3.0841. Ti òbírí ńlá jẹ́ π × (1 − e^(−8)), ìyẹn 3.1405. Ti onígun mẹ́rin wà láàárín wọn, kò ní ibi tí yóò sá sí. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ dé 3, òbírí inú fúnra rẹ̀ ti ní 3.1412. Bí wọ́n ṣe ń fẹ̀ lọ, òbírí méjèèjì ń sún mọ́ páì, wọ́n sì há onígun mẹ́rin mọ́ àárín.

Ẹ jẹ́ ká padà sí kọ́bọ̀ wa. Ìlà tí àwọn oníṣirò ìṣeéṣe ń lò jẹ́ e^(−z²/2), èyí tó jẹ́ ìlà wa kan náà tí a fà gbòòrò ní ìlọ́po √2. Ààyè abẹ́ rẹ̀ náà á fẹ̀ ní ìlọ́po √2, yóò di √(2π), 2.5066: nọ́ńbà tí Stirling bá de Moivre tú. Nítorí pé gbogbo ìṣeéṣe pátá gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, a ó fi 2.5066 pín ìlà náà, gíga àárín rẹ̀ á sì di 0.3989. Nínú ìjù 100, bí èsì ṣe ń fọ́n káàkiri 50 jẹ́ 5, ìdajì gbòǹgbò 100. A ó fi 5 na ìlà náà gbòòrò, gíga rẹ̀ á wálẹ̀ ní ìdá márùn-ún: 0.3989 ÷ 5 = 0.0798. Èyí ni èsì tí ọ̀nà àbùjá fún wa.

Ta ló ni ọgbọ́n yìí? Laplace ti mọ iye ààyè yìí láti 1774, àmọ́ ọ̀nà mìíràn tó le jù ló gbà dé ibẹ̀. Nígbà tí Gauss lo ìlà náà fún àṣìṣe àwọn awòràwọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1809, Laplace ló gbé ògo ìṣirò náà fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Gauss ni ayé wá ń pè é, tí ilẹ̀ Jámánì sì ya ìlà náà sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán rẹ̀ lórí owó bébà máàkì mẹ́wàá wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná yúrò. Siméon Denis Poisson ni wọ́n ń ka ọ̀nà òkè róbótó sí lọ́rùn. Wọ́n sì máa ń sọ ìtàn Lord Kelvin ní Glasgow, pé ó kọ ìdáhùn yìí sára pátákó níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó sì ní ẹni tí èyí hàn sí kedere bí ẹ̀ẹ̀mejì méjì ṣe jẹ́ mẹ́rin ni onímọ̀ ìṣirò. Èmi kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Kò hàn kedere sí de Moivre, ta sì ni yóò sọ pé kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò?

Ọgbọ́n tó dára tó báyìí, ènìyàn á fẹ́ gbé e lọ síbòmíràn. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí ìlà mìíràn tó tún rí bí agogo, 1 ÷ (1 + x²). Ẹ fi kọ́ òkè bákan náà. Ojúkò tí x àti y ti jẹ́ 1 àti ojúkò tí x ti jẹ́ √2 tí y sì jẹ́ 0 jìnnà sí àárín bákan náà. Ṣùgbọ́n ní àkọ́kọ́, gíga òkè jẹ́ ìdá mẹ́rin. Ní èkejì, ìdá mẹ́ta. Òkè yìí kò rí róbótó, agolo kò wọ̀ ọ́. Lórí ìlà tiwa, ojúkò méjèèjì jẹ́ 0.1353. Ní 2005, Robert Dawson, onímọ̀ ìṣirò kan ní Kánádà, fi hàn pé kò sí ìlà mìíràn tí ọ̀nà yìí bá mu: yálà a ga á tàbí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a fà á gbòòrò tàbí a fún un pọ̀, e^(−x²) nìkan ni òkè rẹ̀ ń jáde ní róbótó. Ohun tó ń sọ ìlọ́po di àròpọ̀ ni e, ohun tó ń sọ àròpọ̀ di ìjìnnà ni x². Bí ọ̀kan bá yẹ̀, òbírí ti fọ́.

Ọgbọ́n náà kò sì wúlò fún apá kan ìlà. Ká ní ààyè láti −1 dé 1 là ń fẹ́. Pápá rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin, ó sì ní láti dúró bẹ́ẹ̀, torí a kò fẹ̀ ẹ́ lọ síbì kankan. Òbírí inú rẹ̀ sọ pé ààyè náà ju 1.409 lọ, ti ìta sọ pé kò tó 1.649, wọn kò sì lè sọ jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ padà sí àròpọ̀ gígùn bíi ti de Moivre: láti 0 dé 1, ó jẹ́ 1 − 1/3 + 1/10 − 1/42 + 1/216 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń rọra jókòó sórí 0.7468. Ìdí nìyẹn tí tábìlì ìlà agogo fi wà ní ẹ̀yìn àwọn ìwé ìṣirò ìṣeéṣe, ojú ewé kan tí àwọn nọ́ńbà kún bámúbámú. Wọ́n ṣírò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni; √(2π) tí wọ́n fi pín gbogbo wọn nìkan ló ti ara òkè wá.